Lẹ́tà Orúkọ Tuntun: Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣòwò Kọ, Ohun Tó Yẹ Kí Oníbàárà Wá Níbẹ̀

Tí lẹ́tà bá wọlé sórí fóònù yín láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọjà fún yín, tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ òun ti yí padà, tí lógò náà sì ti di òmíràn, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wá inú rẹ̀: ẹni tó jẹ mí ní nǹkan lánàá, ṣé òun náà ló ṣì jẹ mí lónìí? Àwọ̀ tuntun lè dúró ná. Ìtàn bí wọ́n ṣe ronú kan orúkọ náà lè dúró. Lẹ́tà tí kò bá ti dáhùn ìbéèrè yẹn, ìpolówó lásán ni, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn tó.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn oníṣòwò ń gbé ọ̀rá, lébẹ́ẹ̀lì, sítíkà àti pátákó wọn wá, ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n sì ń gbé lẹ́tà orúkọ tuntun wá pé ká bá wọn tẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo ti kà nínú wọn pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń yọ̀, ìwọ̀nba ló ń ṣàlàyé. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an kì í sábà mọ irú ìyípadà tí òun ṣe, báwo ni ẹni tó ń kà á yóò ṣe wá mọ̀ ọ́n?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé a máa ń rò pé orúkọ kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ ń jẹ́. Ó lè máa jẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni orúkọ inú ìwé, èyí tó wà lọ́wọ́ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ìkejì ni orúkọ ara pátákó, èyí tí gbogbo ayé ń pè é. Ìkẹta ni àmì òwò, tí àwọn lọ́yà ń pè ní tírédímáàkì, ìyẹn orúkọ tàbí lógò tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ábùjá kí ẹlòmíì má baà fi ta irú ọjà kan náà. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè yí kí méjì yòókù má mira rárá.

Ẹ rántí Etisalat. Ní oṣù keje ọdún 2017, wọ́n ní ó ti di 9mobile, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ilé iṣẹ́ tuntun ti dé. Kò sí ilé iṣẹ́ tuntun kankan. Emerging Markets Telecommunication Services, tí wọ́n ń gé kúrú sí EMTS, ni orúkọ tó wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Abu Dhabi ló ni orúkọ Etisalat, wọ́n fi yá ilé iṣẹ́ ti ibí lò ni. Nígbà tí wọ́n yọ ọwọ́ kúrò nínú òwò náà, wọ́n gba orúkọ wọn lọ. Pátákó yí, àwọ̀ yí, ṣùgbọ́n síìmù 0809 tó wà nínú fóònù yín kò yí, owó orí rẹ̀ kò sì lọ síbì kankan. Ní 2025 wọ́n tún sọ ọ́ di T2, síìmù yẹn náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá fi ti Skye Bank sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Polaris sí ara àwọn ẹ̀ka rẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń sọ pé Skye ti pààrọ̀ orúkọ. Orúkọ kọ́ ni wọ́n pààrọ̀. Báńkì àpapọ̀ CBN ló gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye, wọ́n wá dá báńkì mìíràn sílẹ̀ láti gba ohun tó ní àti gbèsè tó jẹ. Ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ bá owó rẹ̀ ní Polaris. Ẹni tó ra ṣíà nínú Skye kò bá nǹkan kan. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì, ìyípadà méjèèjì jọra: àwọn kan gun àkàbà, wọ́n sọ pátákó kan kalẹ̀, wọ́n gbé òmíràn kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ló jìnnà síra.

Bó bá jẹ́ pé líímítẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó dá dúró lójú òfin yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín, ló yí orúkọ inú ìwé rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ náà kò le. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti là á sílẹ̀: àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà yóò ṣe ìpinnu pàtàkì, ìyẹn ni pé ó kéré tán, mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn, CAC yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tó gbé orúkọ tuntun. Nọ́ńbà RC tó ti ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni yóò máa lò lọ. Gbèsè tó jẹ, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, kò sí èyí tó yẹ̀. Irú ìkéde tí àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó máa ń ṣe nínú ìwé ìròyìn gan-an ni: èmi tí wọ́n ń pè ní Ọmọdébìnrin Lágbájá tẹ́lẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Ìyáàfin Báyìí, gbogbo ìwé mi àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbogbo ènìyàn kíyè sí i. Arábìnrin náà kò di ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta ọjà fún wa l'Ékòó kì í ṣe líímítẹ́ẹ̀dì. Bísínẹ́ẹ̀sì néèmù ni wọ́n. Ìyẹn kò sọ ṣọ́ọ̀bù di ohun tó dá dúró lójú òfin. Ẹni tó ni ín náà ni ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ni ẹni tó ni ín. Tí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ yín, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ yín, àpò rẹ̀ ni ẹ ó ti gbà á. Ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ forúkọ líímítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, tó sì kó òwò rẹ̀ wọ inú ẹ̀, ẹlòmíì ti wọ àárín yín nìyẹn lójú òfin. Nọ́ńbà RC rẹ̀ jẹ́ tuntun, àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì jẹ́ tuntun, gbèsè àtijọ́ kò sì dédé bá a rìn àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbé e rù. Àwọn oníṣòwò kì í mọ èyí. Wọ́n á sọ fún yín tọkàntọkàn pé "orúkọ lásán la yí", nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀ ló ti yí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìyá kan ní Bàrígà yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo ń bá tẹ ọ̀rá. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní kọ orúkọ ọjà rẹ̀, nítorí kò rán mi ní ìpolówó. Ògì ló fi bẹ̀rẹ̀, funfun àti bàbà, tó ń gbé e fún àwọn ilé ní Bàrígà, Àkọ̀kà àti Yábà. Bísínẹ́ẹ̀sì néèmù ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, "Ògì" ló sì ṣáájú nínú orúkọ náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa san owó oṣù sílẹ̀, ₦24,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òun á sì máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi èlùbọ́ kún un, ó fi ata gígún kún un. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan n'Íkẹjà wá ní àwọn fẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n líímítẹ́ẹ̀dì nìkan ni àwọn ń bá dòwò. Mọ́mì lọ forúkọ líímítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó yọ Ògì kúrò nínú orúkọ, ó ní kí ọmọkùnrin kan ya lógò, ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí WhatsApp.

Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní pẹ̀lú ayọ̀ ńláńlá ni òun fi ń kéde pé àwọn ti wọ ìpele tuntun, orúkọ yí, lógò yí, ìfẹ́ wa sí yín kò yí. Lábẹ́ rẹ̀ ló wá kọ nọ́ńbà àkáǹtì tuntun sí, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ibẹ̀ ni kí wọ́n máa sanwó sí.

Ìyáàfin kan ní Àkọ̀kà pè é lójú ẹsẹ̀: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ta ṣọ́ọ̀bù ni? Ògì ọ̀sẹ̀ méjì mi ṣì kù lọ́wọ́ yín o." Ẹlòmíì ya àwòrán lẹ́tà náà, ó fi sí gúrúùpù ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra, àwọn ọmọ yahoo ti gba fóònù ìyá ológì. Àwọn yòókù dákẹ́, wọn ò sanwó oṣù tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó yẹ ká bá wí nínú wọn. Nínú gbogbo ohun tí ẹni tó bá fẹ́ lu èèyàn ní jìbìtì máa ń kọ, kò sí èyí tí kò sí nínú lẹ́tà yẹn: ìdùnnú tí kò nídìí, orúkọ tí ẹnìkan ò mọ̀ rí, àti àkáǹtì tuntun.

Ìgbà tó gbé e wá sí Ṣómólú pé ká bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó dáa, bóyá wọ́n á gbà á gbọ́, la wá jókòó tì í. Bébà kọ́ ni ìṣòro rẹ̀.

Ìdí la kọ́kọ́ mú. "Ìpele tuntun" kì í ṣe ìdí. Ìdí ni ohun tí èèyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Àwọn tó ń bá èèyàn fi owó pamọ́ lórí fóònù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú orúkọ Piggybank.ng, yí i sí PiggyVest ní 2019, nítorí pé òwò wọn ti kúrò ní owó pípamọ́ nìkan, ó ti kan owó tí èèyàn fi ń ṣòwò kó lè pọ̀ sí i. Ẹni tó ń lò ó ti ń rí i lójú fóònù rẹ̀ pé nǹkan ti pọ̀ ju kóló lọ, kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i lọ́kàn padà. Ti Mọ́mì náà nìyẹn: èlùbọ́ àti ata ti pọ̀ ju ògì lọ lórí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ọjà rẹ̀ kiri, ẹni tó rí "Ògì" lára ọ̀rá ata á sì máa béèrè pé kí ló dé. Gbólóhùn méjì ti tó fún un.

Ìdí mìíràn wà tí àwọn oníṣòwò máa ń fi pamọ́: pé ẹlòmíì ló ni orúkọ tí wọ́n ń lò, lọ́yà rẹ̀ sì ti kọ̀wé sí wọn. Tèmi ni pé kí wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pé a rí i pé orúkọ náà jọ ti ẹlòmíì tó ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú wa, a sì ti fi í sílẹ̀. Oníbàárà kì í bínú sí ìyẹn. Ohun tó ń bí i nínú ni kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì lẹ́yìn tó ti ka ìtàn àlá àti ìran nínú lẹ́tà.

Ibẹ̀ náà ni àmì òwò ti wọ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé tí CAC bá ti gba orúkọ wọlé, kò sẹ́ni tó tún lè bá wọn du ú. CAC ń wò ó bóyá orúkọ inú ìwé kan jọ òmíràn. Ẹni tó ti ní àmì òwò lórí orúkọ yẹn ṣì lè dá yín dúró lọ́nà ọjà, kódà kí ìwé CAC yín pé pérépéré. Ìsọ̀rí ni wọ́n fi ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀, márùnlélógójì ni gbogbo rẹ̀, ògì, èlùbọ́ àti ata gígún sì bọ́ sí ìsọ̀rí 30, èyí tó mú kí ti Mọ́mì rọrùn. Àwọn tó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ábùjá á kọ́kọ́ wá inú ìwé wọn wò bóyá ẹnìkan ti ní in. Tí wọ́n bá gbà á, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde nínú jọ́nà ti àmì òwò, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn ní oṣù méjì láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ọdún 7 ni ìwé náà kọ́kọ́ ń lò, tí wọ́n bá tún un ṣe, yóò tún lo ọdún 14. Àwọn oníbàárà mi a sì máa ní kí n fi R kékeré inú òrùka sí ẹ̀gbẹ́ lógò nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé béèrè. N kì í fi í sí i. Títí ìwé ẹ̀rí á fi jáde, irọ́ ni àmì yẹn ń pa, òfin sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

A kúrò níbẹ̀, a bọ́ sórí owó, èyí tó gba àkókò jù. Nítorí pé bísínẹ́ẹ̀sì néèmù ló di líímítẹ́ẹ̀dì, àkáǹtì tuntun pọn dandan lóòótọ́. Tó bá jẹ́ líímítẹ́ẹ̀dì ló kàn yí orúkọ, báńkì á kàn yí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì ni, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí CAC tuntun àti ìwé ìpinnu àwọn olùdarí, nọ́ńbà mẹ́wàá náà á wà bó ṣe wà. Torí náà, tí lẹ́tà bá sọ pé "orúkọ nìkan la yí", tó tún wá gbé nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn jáde, ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òótọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Báwo ni Mọ́mì ṣe wá fẹ́ sọ nọ́ńbà tuntun láì jọ yahoo? A fi ẹnu kò pé nọ́ńbà náà kò ní sí nínú lẹ́tà rárá. Lẹ́tà á sọ pé àkáǹtì ń yí, á sọ orúkọ tí yóò jáde lójú fóònù, á wá ní kí oníbàárà pe nọ́ńbà tó ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, èyí tó wà lára ọ̀rá àtijọ́, kó gbà á lẹ́nu Mọ́mì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gba fóònù kan lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn tí èèyàn ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá ṣòro fún un láti sín jẹ. Àkáǹtì àtijọ́ á sì ṣí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí owó ẹni tí kò rí lẹ́tà má baà sọnù.

Ẹ kíyè sí orúkọ tó ń jáde yẹn. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá, tí ẹ sì yan báńkì, orúkọ àkáǹtì á yọ lójú fóònù kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí. Ti líímítẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ bá ti inú lẹ́tà mu, ó sì sábà máa ń parí pẹ̀lú LTD tàbí LIMITED. Orúkọ tó bá gùn lè má jáde tán, ìyẹn kò burú. Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan ṣoṣo ló jáde, nígbà tí lẹ́tà ń pariwo líímítẹ́ẹ̀dì, ẹ fi owó yín sápò. Tó bá sì jẹ́ pé orúkọ àtijọ́ ló ṣì ń jáde fún ilé iṣẹ́ tó yí orúkọ lásán, ẹ má kọ́kọ́ ké gbàjarè. Báńkì kì í yára tó oní-pátákó. Ẹ̀rọ pọ́ọ̀sì gan-an máa ń pẹ́ jù wọ́n lọ, rìsíìtì rẹ̀ lè máa tẹ orúkọ àtijọ́ jáde títí ẹni tó fún wọn ní ẹ̀rọ á fi bá wọn yí i. Kí lẹ́tà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó tán.

Lógò ló kù, òun sì ni àwọn oníṣòwò ń fẹ́ fi kún ojú ìwé jù. Oníbàárà kò nílò ìtumọ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń wá ni bó ṣe máa mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú ní àsìkò tí àtijọ́ àti tuntun á jọ wà lórí àtẹ, nítorí wọ́n á jọ wà. Ọ̀rá tí Mọ́mì ti tẹ̀ sílẹ̀ ṣì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí oníṣòwò tó máa dáná sun owó rẹ̀. Ẹ gbé lógò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú lẹ́tà, kí ẹ sọ oṣù tí ọ̀rá àtijọ́ á tán nílẹ̀. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn oṣù yẹn á mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Mo gbọ́dọ̀ fi tiwa kún un. Lógò tí ọmọkùnrin yẹn yà ní àwọ̀ tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti orí àwọ̀ ọsàn dé orí pupa. Ó rẹwà lójú fóònù. Lára ọ̀rá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pléètì tirẹ̀, owó tirẹ̀ sì ni, àwọ̀ tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ sì máa ń di àbàwọ́n lára ọ̀rá fẹ́lẹ́. A ní kó bá wa ya irú rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ kan péré. Èyí kan lẹ́tà, nítorí tí àwọ̀ inú lẹ́tà bá yàtọ̀ sí ti ara ọ̀rá, àwọn oníbàárà kan náà tó pariwo yahoo á tún pariwo ayédèrú. Èyí tí a lè tẹ̀ sára ọ̀rá ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà.

NAFDAC kò sì ní í fi ojú fo lébẹ́ẹ̀lì tuntun. Orúkọ ọjà àti lébẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tí wọ́n gbà wọlé nígbà tí wọ́n fún ọjà ní nọ́ńbà, ọdún 5 sì ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ ara páálí gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn lọ kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Mo ti rí ẹni tó tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lébẹ́ẹ̀lì kó tó rántí ìyẹn.

Lẹ́tà tí Mọ́mì wá fi ránṣẹ́ nìyí. Orúkọ méjèèjì, lógò méjèèjì, àti nọ́ńbà RC wà lókè rẹ̀. CAMA gan-an ló ní kí orúkọ líímítẹ́ẹ̀dì àti nọ́ńbà rẹ̀ máa wà lára lẹ́tà òwò rẹ̀, nítorí náà, ẹni tó bá rí lẹ́tà líímítẹ́ẹ̀dì tí kò ní nọ́ńbà, kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin oníbàárà mi,

Ẹ kú ilé o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, orúkọ tuntun tó wà lókè yìí ni ẹ ó máa rí lára ọ̀rá wa. Mo yí i nítorí pé ògì nìkan kọ́ ni mò ń tà mọ́, ẹ̀yin náà ń ra èlùbọ́ àti ata lọ́wọ́ mi. N ò ta òwò mi fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ni ín, èmi náà ni mo ṣì ń se ògì yín ní Bàrígà.

Ohun kan yí tó ju orúkọ lọ. Tẹ́lẹ̀, bísínẹ́ẹ̀sì néèmù ni wá. Ní báyìí, a ti di líímítẹ́ẹ̀dì. Líímítẹ́ẹ̀dì yìí ti fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo ohun tí ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ jẹ yín, òun ló gbé e rù. Tí ẹ bá ti san ₦24,000 oṣù yìí, tó sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ẹ ti gbà, ọ̀sẹ̀ méjì yòókù tó jẹ́ ₦12,000 wà nílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ dípò ògì, kó sọ fún mi kí oṣù yìí tó parí, màá dá a padà. Iye owó ọjà wa kò yí.

Àkáǹtì wa ń yí, ṣùgbọ́n n ò kọ ọ́ síbí. Ẹ pè mí lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, èmi fúnra mi ni màá pè é fún yín. Orúkọ tuntun tó wà lókè yìí pẹ̀lú LTD ló gbọ́dọ̀ jáde lójú fóònù yín. Tí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí yín lórúkọ mi, èmi kọ́. Àkáǹtì àtijọ́ ṣì ń gba owó fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ ṣì máa rí ọ̀rá àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa tà á títí oṣù kejì á fi parí. Ohun tó wà nínú méjèèjì kò yàtọ̀."

Orúkọ rẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí ló fi parí rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Mo ní kó má kọ "Àwọn Aláṣẹ", nítorí òun ni wọ́n mọ̀, kì í ṣe aláṣẹ kankan.

Ìwé gbígbé gbèsè rù tí lẹ́tà dárúkọ yẹn, lọ́yà kan ní Yábà ló bá wọn kọ ọ́. Kò gùn: àdéhùn láàárín Mọ́mì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ àti líímítẹ́ẹ̀dì, pé líímítẹ́ẹ̀dì gba ọjà, ẹ̀rọ ìlọta, àti gbèsè, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ti san owó sílẹ̀ àti iye tó kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà náà sì kìlọ̀ fún un pé àdéhùn àárín àwọn méjèèjì kò yọ ọ́ lọ́rùn oníbàárà tí kò bá fara mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ní kí ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ wá gbà á. Láìsí ìwé yẹn, ìlérí inú lẹ́tà dùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ìyáàfin Àkọ̀kà máa fà yọ lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí padà.

Àwọn tó ti san owó sílẹ̀ ni Mọ́mì kọ́kọ́ pè lórí fóònù, ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń bá a tà á ní Oyingbo, ó ka lẹ́tà náà sínú fóònù fún àwọn ìyá tí kì í fẹ́ràn ìwé kíkà, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn. Àwòrán orí WhatsApp rẹ̀ tẹ̀ lé e. Pátákó ló kẹ́yìn, nítorí pé LASAA ló ń fún èèyàn ní àṣẹ pátákó l'Ékòó, a ò sì fẹ́ gbé tuntun kọ́ kí ìwé tiwọn tó jáde.